Ìtumọ̀ 12 àti àwòrán ìkúùkù lára páálí géèmù

Ìbéèrè: Ọmọ mi jẹ́ ọmọ ọdún 9. Géèmù tí mo rí ní ọjà Wuse ní 12 àti àwòrán ìkúùkù lára. Ta ló ń fi í síbẹ̀, kí ló sì túmọ̀ sí?

Ìdáhùn: Àmì PEGI nìyẹn, ètò ilẹ̀ Yúróòpù tó ń sọ ọjọ́ orí tí géèmù yẹ fún. Kí géèmù tó jáde, ilé iṣẹ́ tó fẹ́ tà á yóò dáhùn ìbéèrè lórí ohun tó wà nínú rẹ̀, àwọn ayẹ̀wò PEGI yóò sì fi ìdáhùn náà wé géèmù fúnra rẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ sí ọjọ́ orí: 3, 7, 12, 16 tàbí 18. Wọn kì í wo bí géèmù ṣe le tó láti gbá rárá, ibi tí ọ̀pọ̀ òbí ti ń ṣì í mú sì nìyí.

Ìkúùkù dúró fún ìwà ipá, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ló ń sọ bí ó ti pọ̀ tó. Pẹ̀lú 7, ìjà bí ti àwòrán ẹ̀fẹ̀ ni. Pẹ̀lú 12, wọ́n lè máa lu ẹni tó jọ ènìyàn, ṣùgbọ́n kò ní rí bíi tòótọ́. Ní 16, ó ti jọ ìjà gidi. Ní 18, ó lè jẹ́ pípa ẹni tí kò lè gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Ní tèmi, ẹ kọ́kọ́ wo fídíò bí wọ́n ṣe ń gbá a.