Ohùn ta ni “Àjẹ́ ké lánàá”?

Ìbéèrè: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, wọ́n ní òwe ‘Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ’ fi hàn pé ẹni tí a bá ti fura sí ló gbọ́dọ̀ wí àwíjàre níwájú adájọ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni òfin rí? Kí sì ni ‘láìsí iyèméjì’ tí wọ́n máa ń wí nílé ẹjọ́?”

Ìdáhùn: Àlàyé yẹn máa ń bí mi nínú gan-an nígbàkígbà tí mo bá gbọ́ ọ lórí rédíò. Lójú tèmi, òwe yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ adájọ́ rárá, ohùn ìyá ọmọ ni. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ló ń pa á, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti pa á, torí igbe àná àti ikú òní sún mọ́ra débi pé ọkàn rẹ̀ kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ tún un gbọ́: kò sí ẹni tó rí àjẹ́ níbi tó ti ń pa ọmọ, igbe nìkan ni wọ́n gbọ́, “ta ni kò mọ̀” ló sì wá jókòó sípò ẹ̀rí. Iṣẹ́ adájọ́ ni láti dáhùn pé òun kò tíì mọ̀. A ti gbàgbé ìyẹn lóde òní, tó fi jẹ́ pé bí ẹnìkan bá pariwo “olè” lọ́jà, wọ́n á ti máa lu ènìyàn kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ohun tó sọnù.

Nínú ẹjọ́ ọ̀daràn ní Nàìjíríà, ìjọba ló ń fẹ̀sùn kan ènìyàn, ìjọba náà ló sì ń ru ẹrù ẹ̀rí: ó gbọ́dọ̀ fìdí ẹ̀sùn náà múlẹ̀ láìsí iyèméjì tó nídìí. Abala 36 Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 ka olùjẹ́jọ́ sí aláìṣẹ̀ títí ẹ̀bi rẹ̀ yóò fi hàn, kò sì sí ẹni tó lè fipá mú un jẹ́rìí nínú ìgbẹ́jọ́ ara rẹ̀. Ní ti ẹjọ́ àárín ẹni sí ẹni, irú bíi gbèsè tàbí ilẹ̀, ẹni tó bá sọ pé báyìí ni nǹkan rí ni yóò fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Adájọ́ yóò gbé ẹ̀rí tọ̀tún-tòsì sórí òṣùwọ̀n, ibi tó bá tẹ̀wọ̀n jù ni yóò gbè.

Ẹ jẹ́ ká ní ẹnìkan gbé ọ̀kadà rẹ̀ fún ọmọkùnrin kan kó máa fi ṣiṣẹ́, kó sì máa mú owó wá ní ìrọ̀lẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ọmọkùnrin náà ní wọ́n ti jí ọ̀kadà náà gbé lóru níwájú ilé òun. Aládùúgbò kan sì rí ọmọkùnrin náà lálẹ́ àná níbi tí òun àti àwọn tó ń ra ọ̀kadà àlòkù ti jọ ń sọ̀rọ̀. Àjẹ́ ti ké nìyẹn. Bí ọlọ́pàá bá gbé e lọ sílé ẹjọ́ Májísíréètì fún ẹ̀sùn olè jíjà, wọ́n gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun gan-an ló gbé ọ̀kadà náà fún ẹlòmíràn, àti pé èrò jìbìtì ló wà lọ́kàn rẹ̀. Bí wọn kò bá rí ẹni tó rà á, tí ọ̀kadà kò sì jáde, a jẹ́ pé olè òru lè gbé e lọ lóòótọ́. Iyèméjì tó nídìí nìyẹn. Adájọ́ yóò dá a sílẹ̀, bó ti wù kó fura sí i tó.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo “bóyá” ni iyèméjì tó nídìí. Ká ní ẹni tó ra ọ̀kadà jẹ́rìí, tí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì bá ìwé mu, tí ọmọkùnrin náà sì ní bóyá ẹni tó jọ òun ló tà á. Adájọ́ Denning ti là á yé wa ní England lọ́dún 1947 pé ohun tó kàn ṣeé ṣe, àmọ́ tí kò jọ òótọ́ rárá, kò lè dí ẹ̀bi lọ́wọ́. Kò tilẹ̀ pọn dandan kí ẹnikẹ́ni fojú rí olè, bí gbogbo àmì bá ti kọjú sí olùjẹ́jọ́ nìkan, tí kò sí ọ̀nà mìíràn tí a lè gbà túmọ̀ wọn.

Bí ọlọ́kadà fúnra rẹ̀ bá wá pe ọmọkùnrin náà lẹ́jọ́ pé kó san owó ọ̀kadà òun ńkọ́? Ohun tí yóò fi hàn ni pé òun gbé e fún un, àdéhùn wà láàárín wọn, kò sì dá a padà. Lẹ́yìn ìyẹn, ó kan ọmọkùnrin náà láti ṣàlàyé bó ṣe tọ́jú ohun oníǹkan: ṣé ó tì í mọ́ inú ilé, ṣé ó sáré lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá láàárọ̀ ọjọ́ náà? Bí àlàyé rẹ̀ bá fúyẹ́, yóò sanwó.

Àmọ́ kí ọlọ́kadà ṣọ́ ẹnu rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé olè jíjà gan-an ló gbé ẹjọ́ owó náà kà, abala 135 Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 sọ pé ó gbọ́dọ̀ fìdí olè náà múlẹ̀ láìsí iyèméjì tó nídìí, àní nínú ẹjọ́ àárín ẹni sí ẹni. Ìbínú ti mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ẹnu ara wọn di ẹrù tó wúwo jù fún wọn. Kí ó dúró lórí àdéhùn àti ọ̀kadà tí kò padà wá. Nígbà náà, bí Májísíréètì tilẹ̀ dá ọmọkùnrin náà sílẹ̀ lórí ẹ̀sùn olè, ó ṣì lè gba owó rẹ̀.