Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá yín

"Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kọ̀wé sí ọ̀gá mi kí wọ́n gbà mí láyè láti máa ṣiṣẹ́ nílé lọ́jọ́ méjì lọ́sẹ̀. Kí ni kí n fi bẹ̀rẹ̀, kí sì ni kí n fi parí rẹ̀?"

Ohun tí ẹ ń béèrè gan-an ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kó sì jẹ́ ẹyọ kan. Mi ò mọ èyí nígbà tí mo kọ tèmi, oṣù mẹ́jọ ni mo fi jìyà rẹ̀.

Àwa méjì là ń kọ rìsíìtì sórí kọ̀ǹpútà ní ẹ̀ka wa. Tó bá ti di ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù, iṣẹ́ á wọ̀ wá lọ́rùn, ilẹ̀ á ṣú bá wa níbẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo fi ìbínú kọ lẹ́tà ojú ewé mẹ́ta. Mo ní kí wọ́n fún wa ní èèyàn kan sí i, kí wọ́n pààrọ̀ kọ̀ǹpútà, kí wọ́n fi kún owó oṣù wa, kí wọ́n sì wá nǹkan ṣe sí àga tó ń mú ẹ̀yìn dùn mí. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, wọ́n gbé àga tuntun wá. Nígbà tí mo tún dá ọ̀rọ̀ èèyàn kan sí i sílẹ̀, ọ̀gá mi ní, "Ṣebí tìẹ la ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe tán yìí?" Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí dòní. Mẹ́rin ni mo béèrè, wọ́n mú èyí tó rọrùn jù, ó sì dà bíi pé wọ́n ti dá mi lóhùn.

Mo lọ bá àwọn ẹ̀ka ètò òṣìṣẹ́ pé kí wọ́n tọ́ mi sọ́nà. Wọ́n ní kí n ní ìgboyà, kí n sọ̀rọ̀ bí ẹni tó dá ara rẹ̀ lójú. Inú ṣì ń bí mi sí wọn. Kò sẹ́ni tó bi mí pé, "Ẹ̀rí wo lo ní lọ́wọ́?" "Iṣẹ́ pọ̀ jù, ó ti rẹ̀ wá" ni mo kọ, ẹ̀dùn ọkàn lásán nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni mo ra ìwé kékeré kan. Lójoojúmọ́, mo ń kọ iye rìsíìtì tó wọlé, iye tí a parí, àti iye tó padà wá nítorí àṣìṣe. Ní ọ̀sẹ̀ lásán, nǹkan bí 90 ló ń wọlé, 3 ń padà. Ní ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn, 180 wọlé, 14 padà. Iṣẹ́ di ìlọ́po méjì, àṣìṣe ju ìlọ́po mẹ́rin lọ. Mo wo aago: títún ọ̀kan ṣe ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 40, torí a ní láti wá ìwé náà, ká pe ẹni tó fi ránṣẹ́, ká tún un kọ. Mẹ́rìnlá yẹn nìkan ti lé ní wákàtí 9. Mo ka oṣù kejì pẹ̀lú kí wọ́n má bàa sọ pé ó ṣèèṣì ni. 13 ló padà.

Ẹ má kọ orúkọ ẹni tó ṣàṣìṣe o. Nínú àkọsílẹ̀ mi àkọ́kọ́, mo pín in sí tèmi àti ti ẹnìkejì mi. Ó rí i lórí tábìlì, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má fi ẹ̀dà lẹ́tà yín ránṣẹ́ sí ọ̀gá ọ̀gá yín.

Tó bá kan àǹfààní tí ẹ máa kọ sínú lẹ́tà, ẹ wo ohun tí wọ́n ń bi ọ̀gá yín léèrè fún. Àkọsílẹ̀ ìparí oṣù máa ń pẹ́, orí ọ̀gá mi ló sì ń já lé. Ìyẹn ni mo kọ, mi ò dárúkọ àárẹ̀ wa rárá.

Lẹ́tà kejì kò tó ojú ewé kan. Gbólóhùn àkọ́kọ́ rẹ̀ ni: "Mo ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹnì kan láti ẹ̀ka ìpamọ́ ìwé wá ràn wá lọ́wọ́ ní ọjọ́ 5 tó gbẹ̀yìn oṣù, fún oṣù 3." Mo sọ ohun tó máa ná wọn, pé ọjọ́ 5 ni ẹ̀ka yẹn kò ní rí èèyàn wọn lò. Mo ní tí iye tó ń padà kò bá wálẹ̀ sí 6, kí wọ́n dá ètò náà dúró. Ohun tí mo fi parí rẹ̀ ni pé mo béèrè èsì kí ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e tó pé. Ọjọ́ 4 àti oṣù 2 ni wọ́n fọwọ́ sí. Ní oṣù àkọ́kọ́, 5 ló padà.

Ní tiyín, ẹ dárúkọ ọjọ́ méjèèjì. Ẹ ka iṣẹ́ tí ẹ ń parí lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni kò dí yín lọ́wọ́, kí ẹ fi wé ti ọjọ́ tí wọ́n ń pè yín ṣáá. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá ọ̀gá yín ló láṣẹ lórí rẹ̀. Tó bá jẹ́ òfin láti òkè ni, ohun kan ṣoṣo tí ẹ máa béèrè ni pé kí wọ́n bá yín gbé e síwájú àwọn tó láṣẹ.