Iṣẹ́ méjì dé lórí fóònù: èwo ni kí n mú?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọmọ Ìsánlú ni mí, ìyá mi ń ta aṣọ lọ́jà. Orí fóònù ni mo ti ń wá iṣẹ́. Ní báyìí méjì ló dé lẹ́ẹ̀kan náà: ọ̀kan wà nítòsí ilé, èkejì wà ní Àbújá. Owó ti Àbújá pọ̀ gan-an ju tilé lọ, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀. Kí ni kí n wò kí n tó dá wọn lóhùn?

ÌDÁHÙN: Ọ̀kun o, àbúrò mi. Níwọ̀n bí mi ò ti rí lẹ́tà méjèèjì, mi ò ní bá ọ yan ọ̀kan. Màá sọ bí ọmọbìnrin kan láti Kàbà ṣe yan tirẹ̀, torí ọ̀rọ̀ yín jọra. Ó gbà kí n sọ ọ́, bí mi ò bá ti dárúkọ òun àti àwọn tó fún un níṣẹ́.

Gàrí àti èlùbọ́ ni ìyá rẹ̀ ń tà. Ọmọ náà máa ń jókòó ti ọjà, fóònù a sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti forúkọ sílẹ̀ lórí Jobberman kí iṣẹ́ tuntun máa já sí íméèlì rẹ̀, ó sì wà nínú àwọn ẹgbẹ́ Wasáàpù tí wọ́n ti ń pín ìkéde iṣẹ́. Púpọ̀ nínú ohun tó ń rí níbẹ̀ ni kò jẹ́ iṣẹ́ rárá. Ẹni tó bá ní kó sanwó fọ́ọ̀mù tàbí owó aṣọ iṣẹ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ó ń fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé wọ́n ti gbà á láìbi í ní ìbéèrè kan, ó ń fi ìyẹn náà sílẹ̀. Nígbà tí méjì tó dà bí òótọ́ wá dé, ó tẹ orúkọ ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sí ibi àyẹ̀wò CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Orúkọ méjèèjì wà níbẹ̀. Mo sọ fún un pé kó wo ipò tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ pẹ̀lú: bó bá jẹ́ `INACTIVE` ló wà níbẹ̀, ó sábà máa ń túmọ̀ sí pé ilé-iṣẹ́ náà kò fi ìròyìn ọdọọdún rẹ̀ ránṣẹ́ mọ́. Kò sọ pé olè ni wọ́n, ṣùgbọ́n ó tó kéèyàn béèrè ìdí. Rántí pé orúkọ tó wà ní CAC kò fi hàn pé wọ́n ń sanwó òṣìṣẹ́ lásìkò. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nìkan ló lè sọ ìyẹn fún ọ.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ jẹ́ ti sítọkípà lọ́dọ̀ oníṣòwò kan tó ń ta sìmẹ́ńtì, páànù àti irin ní Kàbà níbẹ̀. Ó ní òun á máa san 85,000 náírà lóṣù. Èkejì jẹ́ ti kaṣíà ní súpámákẹ́ẹ̀tì kan ní Àbújá, 140,000 náírà. Ilé ti gbọ́, àwọn àbúrò ìyá rẹ̀ sì ti ń pè é ní ará Àbújá kó tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn.

Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ béèrè ìbéèrè tó tọ́. Ó ní bí òun bá ra èlùbọ́ lóko, iye tí wọ́n tà á fún òun kọ́ lòun ń wò, àfi iye tó di nígbà tí òun bá ti sanwó mọ́tò àti alábàárù. Ó ní, “Èló ni 140,000 yẹn máa kù bó bá dé ọwọ́ rẹ?” Ọmọ náà kò mọ̀, ìdí nìyẹn tó fi kọ̀wé sí mi.

Mo ní kó bi súpámákẹ́ẹ̀tì náà bóyá 140,000 ni wọn yóò kà fún un ni, àbí iye tí wọn yóò ti yọ nǹkan kúrò nínú rẹ̀. Ìbéèrè kékeré ni, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í sì í bi í. Wọ́n dáhùn pé iye tó máa wọ àpò báǹkì rẹ̀ á jẹ́ nǹkan bí 120,000. Ohun méjì ló gbé ìyókù lọ. Èkíní ni owó ìfẹ̀yìntì. Lábẹ́ òfin ọdún 2014, ilé-iṣẹ́ aládàáni tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ yọ ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún nínú owó oṣù, kí àwọn fúnra wọn sì fi ìdá 10 kún un. Lórí 140,000, bí wọ́n bá ka gbogbo rẹ̀, 11,200 ni tìrẹ, 14,000 ni tiwọn. Owó yìí kò sọnù, tìrẹ ni. Ṣùgbọ́n béèrè nọ́ńbà RSA rẹ, ìyẹn àpò owó ìfẹ̀yìntì tó wà lórúkọ rẹ, níbi tí wọ́n ń san án sí. Ibi tí wọ́n bá ti ń yọ owó, tí nọ́ńbà kò sì sí, sá níbẹ̀. Èkejì ni owó orí. Láti oṣù kìíní ọdún 2026, òfin owó orí tuntun kò gba kọ́bọ̀ lórí 800,000 náírà àkọ́kọ́ téèyàn bá rí lọ́dún, ṣùgbọ́n 140,000 lóṣù jẹ́ 1,680,000 lọ́dún, ó sì ju ìyẹn lọ dáadáa.

Lẹ́yìn náà ni a wá ṣírò ìgbé ayé ní Àbújá. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ń gbé Kúbwà, ó sì gbà kí wọ́n jọ gbé yàrá kan. Ìdajì owó ilé tó kan án jẹ́ 150,000 lọ́dún, ìyẹn 12,500 lóṣù. Ọkọ̀ lọ, ọkọ̀ bọ̀, ó ní 2,000 lójúmọ́. Bó bá fi ọjọ́ 26 ṣiṣẹ́ lóṣù, 52,000 nìyẹn. Oúnjẹ, 45,000. Iná àti dátà, 8,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 117,500. Nínú 120,000, ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ 2,500 náírà. Kò tíì ra bàtà, kò tíì ṣàìsàn, kò tíì wálé kí ìyá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni wọn kì í gba owó ilé lóṣooṣù. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n máa béèrè 150,000 yẹn, pẹ̀lú ti ajẹ́ńtì, kó tó gba owó oṣù àkọ́kọ́. Èèyàn máa ń yá owó yìí, gbèsè náà a sì máa tẹ̀ lé e fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Ní Kàbà, ọ̀gá oníṣòwò ní 85,000 lòun máa kà fún un gan-an. Ọ̀kadà 600 lójúmọ́, 15,600 lóṣù. Ó fẹ́ máa fún ìyá rẹ̀ ní 20,000 fún oúnjẹ. Dátà, 5,000. Iye tó ń ná jẹ́ 40,600, ohun tó kù sì jẹ́ 44,400.

Má ṣe rò pé mo ń sọ pé ilé ló dára ju Àbújá lọ. Wo owó ọkọ̀ yẹn dáadáa. Ká ní súpámákẹ́ẹ̀tì náà ní bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ tó ń gba Kúbwà kọjá, 52,000 á padà sọ́wọ́ rẹ̀, á máa ṣẹ́ 54,500 kù, pẹ̀lú owó ìfẹ̀yìntì tí ti Kàbà kò ní. Àbújá ni mi ò bá sọ fún un nígbà náà. Nítorí náà, tí ìwọ náà bá fẹ́ bá wọn dúnàádúrà, bọ́ọ̀sì àti ibùgbé ni kó o kọ́kọ́ béèrè. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ni kò ní lè fi 30,000 kún owó oṣù ẹni tuntun, tí wọ́n sì ní bọ́ọ̀sì tí wọn kò sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú ìkéde. Súpámákẹ́ẹ̀tì yìí kò ní.

Ìṣirò nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀. Ní ojú ewé kejì lẹ́tà Àbújá, wọ́n kọ ọ́ pé owó tó bá dín àti ọjà tó bá sọnù, òṣìṣẹ́ ni yóò san án látinú owó oṣù rẹ̀. Ẹni tó bá ti ṣe kaṣíà rí mọ ohun tí gbólóhùn yìí lè ṣe. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa kò gbà á bẹ́ẹ̀. Àdánù tí àìbìkítà tàbí ìwà àmọ̀ọ́mọ̀hù òṣìṣẹ́ fà nìkan ni agbanisíṣẹ́ lè yọ owó lé lórí, ó sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Àpapọ̀ ohun tí wọ́n bá yọ lóṣù kan kò sì gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù lọ. Òfin yìí kò kan àwọn ọ̀gá àgbà, ṣùgbọ́n ó kan akọ̀wé, kaṣíà àti sítọkípà. Ọmọ náà kọ̀wé sí súpámákẹ́ẹ̀tì pé kí wọ́n tún gbólóhùn náà ṣe. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni gbogbo òṣìṣẹ́ wọn ṣe ń fọwọ́ sí i. Wọ́n tún ní kó mú ojúlówó ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wá, kí àwọn máa bá a tọ́jú rẹ̀ fún ọdún kan. Èyí ló mú kí n sọ̀rọ̀ gbangba: ẹ̀dà ni a ń fún agbanisíṣẹ́. Wọ́n lè wo ojúlówó níwájú rẹ, kó o sì gbé e padà lọ sílé.

Àléébù wà lára ti Kàbà náà. Kò sí lẹ́tà kankan. Ọ̀gá kàn ní kó wá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé. Òfin fún agbanisíṣẹ́ ní oṣù mẹ́ta láti kọ àdéhùn sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́, àmọ́ mo ní kó má dúró di ìgbà yẹn. Ó fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun kọ ojú ewé kan péré: iṣẹ́ tí òun máa ṣe, ọjọ́ tí owó á máa wọlé, wákàtí iṣẹ́, àti ìkìlọ̀ ọ̀sẹ̀ kan kí ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì tó fòpin sí i. Ọ̀sẹ̀ kan yìí ni òfin là sílẹ̀ fún ẹni tó ti lé ní oṣù mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́ tí kò sì tíì pé ọdún méjì. Ọ̀gá náà kọ́kọ́ bínú díẹ̀, ó ní ṣé kò fọkàn tán òun ni. Ìyá rẹ̀ ló lọ bá a sọ̀rọ̀, oníṣòwò sí oníṣòwò. Ọ̀gá náà sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ibẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ báyìí. Kò ti ilẹ̀kùn Àbújá pa pátápátá: ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó sì sọ fún wọn pé bí bọ́ọ̀sì tàbí ibùgbé bá wà lọ́jọ́ iwájú, kí wọ́n jẹ́ kí òun gbọ́.

Tìrẹ wá ńkọ́? Fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́ sí àwọn méjèèjì lónìí, kó o yí i padà bó ṣe bá ọ mu:

“Ẹ ṣeun tí ẹ fún mi níṣẹ́. Kí n tó fọwọ́ sí i, ẹ jọ̀wọ́, èló ni yóò wọ ọwọ́ mi lóṣù lẹ́yìn gbogbo ohun tí ẹ máa yọ? Ṣé bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ tàbí ibùgbé wà? Bí owó tàbí ọjà bá dín, báwo ni ẹ ṣe máa ń ṣe é? Ìkìlọ̀ ọjọ́ mélòó ni yóò wà láàárín wa?”

Bí wọ́n bá pè ọ́ dípò kí wọ́n kọ èsì, gbọ́ wọn dáadáa. Tí ẹ bá ti sọ̀rọ̀ tán, kọ ohun tí wọ́n sọ ránṣẹ́ padà sí wọn lórí Wasáàpù, kó o sì bi wọ́n pé, “Ṣé bí mo ṣe gbọ́ ọ nìyí?” Ẹni tó bá fèsì pé bẹ́ẹ̀ ni, o ti ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ lákọsílẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ fèsì, má tíì sanwó mọ́tò nítorí rẹ̀.