Pátákó tí kò kọjú sí ẹni tó ń bọ̀

Ìbéèrè: "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo fọ́tò pátákó ṣọ́ọ̀bù mi. Mo ń tún fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù ṣe ní ẹ̀bá títì ní Àpáta, n'Ìbàdàn. Àwọn oníbàárà ní àwọn máa ń kọjá mi kí àwọn tó mọ̀. Ẹni tó ya pátákó náà ní kí n yí àwọ̀ rẹ̀ padà. Ṣé òótọ́ ni?"

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ má tíì fún ẹni náà ní kọ́bọ̀. Wọ́n ti gba èmi náà ní irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ rí, ó sì ná mi lówó tó tó mi í lò fún nǹkan mìíràn.

Bátìrì ọkọ̀ ni mo ń tà ní Òkè-Àdó. Ní 2019, mo ṣe pátákó fílẹ́ẹ̀sì kan tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 8, tó sì ga ní ẹsẹ̀ bàtà 4, mo san 85,000 náírà, mo sì ní kí wọ́n kàn án mọ́ ògiri lókè ilẹ̀kùn, gẹ́gẹ́ bí tiyín ṣe wà nínú fọ́tò yẹn. Nígbà tí mo dúró síwájú rẹ̀, inú mi dùn. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí oníbàárà kan pè mí lórí fóònù pé òun ti dé ibi tí mo júwe, òun kò sì rí nǹkan kan. Bí ó ṣe ń sọ ọ́ ni mo ń wò ó: òun gan-an ló ń kọjá lọ níwájú mi pẹ̀lú fóònù létí, tó ń wo ọ̀tún wo òsì. Mo pè é padà, ó ti dé oríta kejì. Ẹni tó yà á ní àwọ̀ ni kò dára, ó ní kí a sọ pupa di àwọ̀ ewé. Mo tún san 40,000 náírà. Àwọ̀ yí padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn kò yéé kọjá mi.

Ìgbà tó sú mi ni mo wọ Maíkírà láti Dùgbẹ̀, mo jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, mo sì ń wá pátákó ara mi bí àlejò. Ẹ gbà mí gbọ́, ohun tí mo rí kò ju ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ, bí ìgbà tí èèyàn bá wo ilẹ̀kùn tó ṣí láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìgbà tí ó wá fẹjú tó ohun tí mo lè kà, a ti ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà mi.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ tiyín wà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀. Pátákó tí a bá kàn mọ́ ògiri tó dojú kọ títì, ilé tó wà ní òdìkejì títì ló kọjú sí, kò kọjú sí ẹni tó ń wakọ̀ bọ̀. Tí ọkọ̀ bá ń sáré 50 kìlómítà ní wákàtí kan, ó ń gba nǹkan bí mítà 14 kọjá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó ń wakọ̀ nílò bí ìṣẹ́jú àáyá 3 sí 4 kí ó tó lè rí pátákó, kà á, kí ó sì pinnu láti yà. Èyí túmọ̀ sí pé ó gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti nǹkan bí mítà 50 sí ẹ̀yìn. Láti ojú ìwòye fọ́tò yín, ògiri yín á tó bí mítà 8 sí ibi tí ọkọ̀ ń gbà. Nígbà tí ọkọ̀ bá wà ní mítà 50, pátákó ẹsẹ̀ bàtà 8 yẹn kò ní fẹ̀ lójú awakọ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà kan àti díẹ̀ lọ. Ní mítà 20, ó ti di bí ẹsẹ̀ bàtà 3. Ìgbà tí ó bá ku mítà 8 ni yóò tó fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 5 lọ, nígbà yẹn, ìdajì ìṣẹ́jú àáyá péré ló kù kí ọkọ̀ kọjá. Lẹ́tà náà kò kúrú o, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fún pọ̀ mọ́ra, débi pé lẹ́tà kan ń gun orí èkejì. Kò sí àwọ̀ tó lè tú u ká.

Àwọn ayàwòrán wa kì í sọ èyí fún èèyàn, nítorí pé ojú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń wò ó, wọn kì í sì í dé títì. Fọ́tò tí ẹ fi ránṣẹ́ náà ń tan yín jẹ, torí pé iwájú pátákó gan-an ni ẹ dúró sí tí ẹ fi yà á.

Mo rí i pé férémù yín jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 4, ó sì tún le dáadáa, nítorí náà ẹ má ra òmíràn. Ẹ ní kí wẹ́dà gbé e dúró lóòró, kí ó jẹ́ pé ẹsẹ̀ bàtà 4 ni ó fẹ̀, 8 ni ó ga, kí ó sì yí i kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjú sí títì, kí ojú rẹ̀ méjèèjì máa wo ẹni tó ń bọ̀ láti apá Dùgbẹ̀ àti ẹni tó ń bọ̀ láti òdìkejì. Ẹ tẹ fílẹ́ẹ̀sì méjì, ọ̀kan fún ojú kọ̀ọ̀kan. Kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ga tó ẹsẹ̀ bàtà 7 sílẹ̀, nítorí Maíkírà tó máa ń dúró síwájú yín, àti nítorí bọ́ọ̀sì tó ga jù ú lọ. Bí wọ́n ṣe ń ri irin mọ́lẹ̀ kò ṣòro, wẹ́dà mọ̀ ọ́n.

Ibi tí ẹ máa ri irin náà sí ni kí ẹ ṣọ́ra fún, torí ibẹ̀ ni ojú mi ti rí màbo. Èmi gbé tèmi kọjá gọ́tà, mo rò pé bí ó bá ṣe sún mọ́ títì tó ni yóò ṣe dára tó. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kan fi ọ̀dà pupa kọ àmì sí i, nígbà tó di ọjọ́ kejì wọ́n ti hú u sínú ọkọ̀ wọn. Mo lọ sí ọ́fíìsì wọn lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹni tí mo kọ́kọ́ bá sọ pé àárín títì ni wọ́n ti máa ń wọn bí pátákó ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà tó, èkejì ní etí gọ́tà ni, ẹ̀kẹta ní kí n lọ mú ìwé tí òun kò júwe wá. Nígbà tí mo máa fi gba irin mi padà, ó ti wọ́. Nítorí náà, inú fọ́tò yín, mo rí ilẹ̀ tí ẹ fi sìmẹ́ǹtì ṣe láàárín ògiri àti gọ́tà. Inú rẹ̀ ni kí ẹ fi irin náà sí, kí apá kankan rẹ̀ má yọ sórí gọ́tà. Kí ẹ tó gbẹ́ ilẹ̀, ẹ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba náà, ẹ ní kí wọ́n kọ ìwọ̀n tí wọ́n fẹ́ sínú ìwé fún yín, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Ẹ bi wọ́n bóyá ojú méjì ni wọ́n máa kà sí pátákó méjì nígbà tí wọ́n bá ń gba owó ọdún, nítorí pé méjì ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi, ẹnikẹ́ni kò sì sọ ọ́ fún mi tẹ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí ó wà lójú pátákó náà ti pọ̀ jù. Mo ka iṣẹ́ mẹ́sàn-án, nọ́ńbà fóònù mẹ́ta, ọ̀rọ̀ ìyìn Ọlọ́run kan àti àwòrán fíríìjì méjì. Ọlọ́run kò ní bínú tí ẹ bá gbé ìyìn rẹ̀ lọ sínú ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ fẹ́ mọ ohun tí ẹ ń tún ṣe nìkan. Lójú ọ̀nà tí ọkọ̀ ti ń sáré, lẹ́tà tó ga ní íǹṣì 1 ṣeé kà dé bí ẹsẹ̀ bàtà 25, ìyẹn tí ó bá nípọn tí kò sì lọ́. Mítà 50 jẹ́ nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 164, nítorí náà lẹ́tà yín kò gbọ́dọ̀ kúrú ju íǹṣì 6 àti ààbọ̀ lọ. Àwọn iṣẹ́ mẹ́sàn-án tí ẹ kọ yẹn kò ju íǹṣì 2 lọ. Ẹni tó bá dúró síwájú wọn nìkan ló lè kà wọ́n.

Ẹ kọ FÍRÍÌJÌ sókè ní íǹṣì 10. Ọ̀rọ̀ yẹn bá yín mu, nítorí pé Í pọ̀ nínú rẹ̀, Í kò sì fẹ̀, kò ní gba gbogbo íǹṣì 48 tí ẹ ní, àyè yóò sì ṣẹ́ kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ẹ kọ Ẹ̀RỌ sábẹ́ rẹ̀, kí AMÚLÉTUTÙ tẹ̀ lé e ní íǹṣì 5 àti ààbọ̀. Kò lè tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó kan etí, wọn yóò kà á nígbà tí wọ́n bá ti sún mọ́ ọn díẹ̀. Lẹ́yìn náà, nọ́ńbà fóònù kan ṣoṣo. Ẹ fi àyè íǹṣì 3 sílẹ̀ lórí ìlà kọ̀ọ̀kan fún àmì ohùn, kí ẹ sì rí i dájú pé lẹ́tà tí wọ́n yàn ní àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀. Nínú tèmi àkọ́kọ́, gbogbo àmì orí BÁTÌRÌ ló di àpótí kékeré, ẹni tó yà á sì ń sọ fún mi pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn.

Nípa àwọ̀ tí ẹ béèrè, mo ti fẹ́ gbàgbé. Ìdajì òótọ́ ni ẹni yẹn sọ. Pupa lórí búlúù kò dára, torí pé méjèèjì ló dúdú bákan náà. Ẹ sọ fọ́tò yín di dúdú àti funfun lórí fóònù, ẹ óò rí i pé lẹ́tà fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Ẹ fi búlúù yín sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹ sọ lẹ́tà di funfun, ó tán.

Kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, ẹ tẹ àwòrán rẹ̀ sórí bébà kan ní íǹṣì 12 ní gíga. Pátákó náà fi ìlọ́po 8 tóbi ju bébà lọ, nítorí náà tí ẹ bá dúró jìnnà sí i ní bí mítà 6, ìyẹn ìgbésẹ̀ 8, bí ẹni tó wà ní mítà 50 ni ẹ ṣe ń wò ó. Ẹ ní kí ọmọ tí kò mọ ohun tí ẹ kọ wò ó, kí ó sì kà á sókè kí ẹ tó kà dé mẹ́ta. Tí kò bá lè kà á, ẹ dín ọ̀rọ̀ kù sí i. Ẹ gé ẹ̀ka máńgòrò tó wà lápá òsì yẹn pẹ̀lú. Òjò kan péré ni yóò fi bo ojú pátákó.

Tí wẹ́dà bá ti parí, ẹ ka ìgbésẹ̀ 65 padà sẹ́yìn sí ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà bọ̀, ẹ dúró sí ibi tí ẹsẹ̀ yín kò ní kan títì, ẹ ya fọ́tò náà láìfà á súnmọ́, kí ẹ sì fi èyí tí ẹ yà níbẹ̀ ránṣẹ́ sí wa.