Ọ̀rọ̀ abẹ́ fọ́tò tí a yà lábẹ́ Olúmọ

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin òbí. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Abẹ́òkúta dé ni. Ìyá ọkọ mi pé ẹni 80 ọdún, gbogbo ẹbí ọkọ mi wọ àdìrẹ kan náà, a sì ya fọ́tò ní Ìkijà, Olúmọ wà lẹ́yìn wa. Nínú fọ́tò náà, gèlè ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin bo ojú bùrọ̀dá wọn, àbúrò ọkọ mi sì ń jẹ ọ̀fàdà nínú ewé lọ́wọ́, eyín rẹ̀ síta. Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín, kó má sì bí ẹnikẹ́ni nínú nílé ọkọ mi. Èyí tí mo kọ rèé: “Ebi wa pe l'Abeokuta. Iya agba, omo mefa, omo omo metadinlogun, Olorun o seun.” Ọmọ mi kà á, ó ní kò pa òun lẹ́rìn-ín rárá. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n kọ?

Ẹ kú ìnáwó o. Ẹ̀mí Màmá á gùn, àṣẹ.

Ẹ̀rín wà nínú ohun tí ẹ kọ yẹn, àfi pé ẹ ò mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ dá a. Ẹ wo “ebi” tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá kà á bó ṣe wà níbẹ̀ á rò pé ebi ló pé jọ sí Abẹ́òkúta, pé kí wọ́n tètè gbé làfún wá. Ẹbí lẹ fẹ́ kọ: kíkán lábẹ́ ẹ, àmì òkè lórí i. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì sọ àṣìṣe náà nù. Bí ẹ bá mọ̀ọ́mọ̀ to ọ̀rọ̀ méjèèjì síra, wọ́n á di àwàdà: “Ẹbí ló pè wá, ebi ló jẹ́ ká tètè dé.” Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò ní rẹ́rìn-ín sí i, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Ẹ fi ìyẹn sápò ná, a ó padà sí i.

Ohun kejì ni iye ọmọ. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ẹ sì ti kà wọ́n síta fún gbogbo ayé. Yàtọ̀ sí èèwọ̀, ìṣirò yẹn máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Ẹnìkan á bẹ̀rẹ̀ sí í ka orí nínú fọ́tò, á rí i pé iye kò pé, á béèrè ibi tí èyí tó kù wà. Ẹlòmíràn tó ń retí ọmọ á ka ọ̀rọ̀ yẹn, kò sì ní rẹ́rìn-ín. Ẹ yọ òǹkà náà kúrò. Ọdún Màmá nìkan ni òǹkà tó yẹ kó kù níbẹ̀, nítorí ọpẹ́ nìyẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Fọ́tò kan náà ni, àmọ́ ohun tí ọkọ yín lè sọ nípa rẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tí ẹ̀yin ìyàwó ilé lè sọ. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé Bùrọ̀dá sá sábẹ́ gèlè, ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà ilé pé ìyàwó ń fi ẹ̀gbọ́n ọkọ ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ọkọ yín bá fi sójú ewé tirẹ̀, tàbí tí ọ̀rọ̀ náà bá ti ẹnu ọmọ-ọmọ jáde, ẹ̀rín ni wọ́n á rín, torí ọmọ-ọmọ ló ni àwàdà nílé bàbá àgbà. Bí ọkọ yín bá fẹ́ ti Olúmọ, èyí bá a mu: “Ogun lé àwọn bàbá wa, wọ́n sá sábẹ́ Olúmọ. Oòrùn lé Bùrọ̀dá, wọ́n sá sábẹ́ gèlè Àǹtí. Ẹ bá wa wá wọn.” Ọmọ Ẹ̀gbá kankan kò ní béèrè ogun wo: wọ́n ti mọ̀ pé òkúta yẹn ni àwọn baba ńlá wọn fi ṣe ààbò nígbà tí wọ́n tẹ Abẹ́òkúta dó ní nǹkan bí 1830, òun náà ló sì sọ ìlú lórúkọ.

Tiyín gẹ́gẹ́ bí ìyàwó dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ lójú tèmi, nítorí ẹ ní irinṣẹ́ kan tí ọkọ yín kò ní. Gbogbo wọn ni ọkọ yín! Láti orí àǹtí títí dé orí ọmọ tí ẹ bá nílé, ọkọ lẹ ń pè wọ́n. Ẹ lò ó: “Ọkọ kan ni mo fẹ́, agbolé ọkọ ni mo bá ńlé.” Ará ilé á rí i pé ẹ mọ̀wọ̀n ara yín, ọ̀rẹ́ á sì rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà ẹ wá orúkọ àdápè fún ẹni tó ń jẹ ọ̀fàdà. Ìyàwó kì í pe orúkọ àbísọ àwọn ará ilé ọkọ, ohun tó bá rí lára wọn tó dára ló fi ń pè wọ́n: Adúmáadán fún ẹni tó dúdú tó ń dán, Akọ̀wé fún ẹni tó ń lo gègé, Eyínfúnjowó fún ẹni tí eyín rẹ̀ funfun. Ẹ̀yin alára ní eyín rẹ̀ wà níta nínú fọ́tò. Eyínfúnjowó ti dé nìyẹn. Bí ẹ bá ti ní àdápè tí ẹ ń pè é láti ọjọ́ tí ẹ ti wọlé, ẹ lo ìyẹn, kí ẹ má sọ ọ́ ní tuntun. Òfin rẹ̀ kan ni pé ìyìn ni, kì í ṣe àbùkù. Ẹ má fi sísanra ẹnikẹ́ni sọ ọ́ lórúkọ, ẹ má sì fi Ìdílẹ̀kẹ̀ síta fún àjèjì, orúkọ abẹ́ ilé nìyẹn. Àǹfààní mìíràn ni pé àdápè kò fi orúkọ gidi ẹnikẹ́ni han ẹni tí ẹ kò mọ̀, àti ti àwọn ọmọ pàápàá.

Ó ku Màmá. Ẹ ṣọ́ra fún ìyìn tó gùn nípa arúgbó lórí fọ́tò. “Ìyá rere, akínkanjú obìnrin, a ò ní gbàgbé yín” pẹ̀lú ọdún tí wọ́n bí wọn, kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹnìkan á ti kọ “sùn re o” sísàlẹ̀, fóònù Màmá á sì máa dún títí. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wọn ní ohun tí wọ́n ṣì ń ṣe nínú. Àpapọ̀ rẹ̀ á wá rí báyìí:

“Ọkọ kan ni mo fẹ́, agbolé ọkọ ni mo bá ńlé.
Eyínfúnjowó mi ló ń jẹ ọ̀fàdà yẹn, kò dúró de kámẹ́rà.
Gèlè Àǹtí wa ń bá Olúmọ du ipò. Àwọn ọmọ ní ẹnìkan wà lẹ́yìn rẹ̀.
Màmá, 80 ò tíì tó o. A ṣì ń bọ̀ wá jẹun.”

Ẹ kíyè sí i pé àwọn ọmọ ló sọ ti Bùrọ̀dá, ẹ ò sì dárúkọ rẹ̀. Ẹ má fi iye owó àdìrẹ kún un, ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan má tíì san owó aṣọ ẹbí.

Ìlà àkọ́kọ́ ló ṣe pàtàkì jù. Ínsítágíráàmù ń gba lẹ́tà 2,200, ṣùgbọ́n nǹkan bíi 125 péré ló ń hàn kí èèyàn tó tẹ̀ ẹ́ láti rí èyí tó kù. Ìdí nìyí tí mi ò fi fi “Ọlọ́run ṣeun, a dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó wá” ṣáájú. Bí ọpẹ́ bá gba àyè yẹn tán, ẹnikẹ́ni ò ní dé ibi tí ẹ̀rín wà. Ẹ fi ọpẹ́ sísàlẹ̀.

Nípa àmì, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Nínú Gboard, ẹ fi Yorùbá kún èdè tí ẹ ń tẹ̀, ẹ, ọ àti ṣ á jáde níbẹ̀. Ó tún máa ń dín àtúnṣe tí fóònù ń fi tipátipá ṣe sí ọ̀rọ̀ wa kù. Kíkán lẹ gbọ́dọ̀ fi sí i dandan, nítorí “oko kan ni mo fẹ́” lè di ilẹ̀ tí a ń ro, ó sì tún lè di ohun tí a kì í dárúkọ níwájú Màmá. Àmì ohùn lẹ lè fi sí ibi tó bá ti yí ìtumọ̀ padà nìkan. Lẹ́tà bíi í àti è dá dúró nínú fóònù, wọ́n kì í ṣe wàhálà. Ẹ́ àti ọ̀ ló ń dá wàhálà sílẹ̀, nítorí àmì ohùn yẹn jẹ́ ohun ọ̀tọ̀ tí fóònù ń lẹ̀ mọ́ ẹ àti ọ, lórí fóònù míì á sì yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Oríire ni pé “ọkọ”, “ẹbí”, “ebi” àti “gèlè” kò nílò àmì lílẹ̀ yẹn. Gbogbo ẹ̀rín yín á dé láìfọ́.

Ní ti àwọn ọ̀rẹ́ ọmọ yín tí kò gbọ́ Yorùbá: bí wọ́n bá tẹ See translation, ẹ̀rọ náà lè sọ fún wọn pé ẹ fẹ́ ọkọ púpọ̀. Ẹ má túmọ̀ àwàdà náà fún wọn, ó máa kú sọ́wọ́ yín. Ẹ kọ ìlà kan ṣoṣo sísàlẹ̀ lédè wọn, kó jẹ́ ohun tí ojú lè rí, pé kí wọ́n wá ẹni tó wà lẹ́yìn gèlè. Ọmọdé á sún fọ́tò náà tóbi láti wá a, ẹ̀rín tiwọn nìyẹn.

Kí ẹ tó gbé e síta, ẹ fi fọ́tò àti ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí Àǹtí yẹn níkọ̀kọ̀ lórí Wọ́tísáàpù, kì í ṣe sínú agbo ẹbí, níbi tí ẹni ogún á ti dá sí i. Bí ó bá rẹ́rìn-ín, ẹ tẹ̀ ẹ́ síta. Bí ó bá ní gèlè òun kò ga tó bẹ́ẹ̀, ẹ yọ ìlà kẹta kúrò, kí ẹ fi ti ebi tó wà lápò yín rọ́pò rẹ̀.