Páwà sọ́pláì: èyí tí wáyà rẹ̀ ń yọ àti èyí tí kì í yọ

"Ẹ jọ̀wọ́, ṣé páwà sọ́pláì mọ́dúlà ni kí n rà, àbí èyí tí wáyà rẹ̀ kì í yọ? Wáyà ti pọ̀ jù lẹ́yìn kéèsì mi, ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn ò pa dé mọ́."

Kí ẹ tó náwó, ẹ fi rúlà wọn àlàfo tó wà láàárín àwo mádàbọ̀ọ̀dù àti ìlẹ̀kùn yẹn. Bó bá tó mílímítà 20 sókè, èyí tí kì í yọ ò ní dà yín láàmú púpọ̀. Bó bá wà ní nǹkan bíi 15, ẹ ra mọ́dúlà.

Ká ní gíráfíìsì káàdì kan àti dísíìkì sátà kan lẹ ní. Wáyà mẹ́rin péré lẹ máa lò: ti pínnì 24, ti sípíyù, ti káàdì àti ti sátà. Ìyókù tó so mọ́ páwà tí kì í yọ gbọ́dọ̀ ríbi wà. Ẹ má kó wọn sẹ́yìn àwo. Ìsàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ páwà, ni kí ẹ ká wọn sí. Bí àgọ́ dísíìkì tó wà níbẹ̀ bá ṣófo, ẹ tú u kúrò. Mọ́dúlà aláàbọ̀ ló tẹ́ mi lọ́rùn jù, nítorí pé lọ́pọ̀ ìgbà, wáyà 24 àti ti sípíyù nìkan ni kì í yọ lára rẹ̀, ẹ ó sì lo méjèèjì dandan.

Wáyà sípíyù ni kí ẹ kọ́kọ́ fà. Ihò igun òkè kéré, bí fáànù bá sì ti wà lókè, ọwọ́ ò ní ráyè débẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ni ti 24. Òun ló nípọn jù, nítorí náà ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, kí wáyà kankan má gùn ún kọjá: ibi tí wáyà bá ti gun ara wọn ni ìlẹ̀kùn ti máa ń wú. Ẹ dè wọ́n wọ́ọ́rọ́wọ́ ná, ó di ìgbà tí gbogbo orí wáyà bá ti wọlé tán kí ẹ tó fún ìdè.

Ẹ má fi ipá ti ìlẹ̀kùn. Bó bá ń tẹ orí wáyà sátà lára dísíìkì tó wà lẹ́yìn àwo, dísíìkì náà á máa pòórá, á tún máa padà wá. Ẹ ṣí ìlẹ̀kùn sílẹ̀, kí ẹ tan ẹ̀rọ: bí kò bá pòórá mọ́, ìlẹ̀kùn ló fà á. Ẹ lo orí wáyà tó tẹ̀ kọdọrọ, tàbí kí ẹ gbé dísíìkì lọ sísàlẹ̀.

Bó bá jẹ́ mọ́dúlà lẹ rà, ẹ yọ gbogbo wáyà àtijọ́ kúrò, kódà bí ilé-iṣẹ́ kan náà ló ṣe páwà méjèèjì. Orí tó ń wọ dísíìkì bára mu níbi gbogbo, ṣùgbọ́n orí tó ń wọ páwà kò ní òfin kan ṣoṣo. Ó lè wọlé dáadáa, kí fóólìtì 12 sì gba ojú ọ̀nà fóólìtì 5, dísíìkì á sì jóná lójú ẹsẹ̀. Ẹ kó wáyà tí ẹ ò lò sínú àpò kan, kí ẹ kọ orúkọ páwà tó ni wọ́n sára rẹ̀.