Èsì àtọ̀húnrìnwá nínú lọ́ọ̀gì: kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?

*Ẹ jọ̀ọ́, olùkọ́ wa ní lẹ́sìn ní Yábàá máa ń sọ pé "èsì àtọ̀húnrìnwá nìyẹn, fagi lé e." Mi ò ṣìṣe níbì kankan, síbẹ̀ ó fagi lé ọ̀kan nínú èsì mi. Kí ni ọ̀rọ̀ yìí túmọ̀ sí? Ṣé gbogbo èsì tó bá ti ní máínọ̀sì la ó máa fagi lé ni?*

Àbúrò, olùkọ́ yín mọ ọ̀rọ̀ lò. À-ti-ọ̀hún-rìn-wá: ohun tí kì í ṣe ti ilé, tó rìn wọlé láti ibòmíràn, bí a ṣe ń sọ pé ẹ̀sìn àtọ̀húnrìnwá. Kò sí ẹ̀sùn àṣìṣe nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó kàn ń sọ pé èsì yẹn kò sí nínú ìbéèrè tí wọ́n bi ọ́, ojú ọ̀nà ló ti bá ọ rìn wálé. Ibi tó ti bá ọ pàdé gan-an ló yẹ ká wá.

Mú èyí:

log₂(x) + log₂(x − 2) = 3

Ohun tí lọ́ọ̀gì ń bi wá ni pé, páwà wo la máa gbé 2 sí kó tó di nọ́ńbà inú àkámọ́? Gbé 2 sí páwà 3, o rí 8. Gbé e sí páwà 0, o rí 1. Gbé e sí páwà −1, o rí ìdajì. Bó o ti wù kó o gbé e tó, kò ní di òdo láé, kò sì ní bọ́ sísàlẹ̀ òdo. Nítorí náà, nínú nọ́ńbà tí a ń lò ní girama, ohun tó bá wà nínú àkámọ́ lọ́ọ̀gì gbọ́dọ̀ ju òdo lọ. Níbí, x gbọ́dọ̀ ju 0 lọ, x − 2 náà gbọ́dọ̀ ju 0 lọ. Méjèèjì pa pọ̀ ń sọ pé x gbọ́dọ̀ ju 2 lọ. Kọ ìlà yẹn sílẹ̀ kó o tó fọwọ́ kan ohunkóhun, torí tó o bá ti so lọ́ọ̀gì méjèèjì pọ̀, kò ní hàn mọ́.

Wàyí o, so wọ́n pọ̀:

log₂[x(x − 2)] = 3
x(x − 2) = 8
x² − 2x − 8 = 0
(x − 4)(x + 2) = 0

Èsì méjì jáde: 4 àti −2. Fi 4 padà sínú ìbéèrè: log₂(4) jẹ́ 2, log₂(2) jẹ́ 1, àpapọ̀ wọn jẹ́ 3. Ó pé. Fi −2 sí i: log₂(−2) àti log₂(−4). Kò sí èyí tó ṣeé ṣe nínú méjèèjì. Tó o bá tẹ̀ ẹ́ sórí kakulétọ̀ Kásíò, `Math ERROR` ló máa gbé wá.

Ibi tí −2 ti wọlé rèé: −2 lọ́nà −4 jẹ́ 8. Máínọ̀sì méjì lu ara wọn, wọ́n di nọ́ńbà tó ju òdo lọ, lọ́ọ̀gì ẹyọ kan tó kù kò sì mọ̀ pé ayédèrú ni àwọn òbí rẹ̀. Wọ́nwéè ni òfin ìsopọ̀ yẹn. Gbogbo èsì tòótọ́ máa bá ọ kọjá, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tó o bá lápá ibi tó o dé ló lè padà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìlà àkọ́kọ́ gan-an, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nínú ìbéèrè, lo gbọ́dọ̀ fi èsì sí. Ẹni tó bá yẹ −2 wò nínú log₂[x(x − 2)] máa rí 3, á sì rò pé òun ti yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní ti máínọ̀sì, rárá o. Àkámọ́ là ń wò, a kì í wo x nìkan. Nínú log₂(x + 5) + log₂(x + 3) = 3, èsì tó jáde ni −1 àti −7. Máínọ̀sì ni −1, ó sì tọ̀nà: àwọn àkámọ́ di 4 àti 2. −7 ló máa lọ, torí ó sọ wọ́n di −2 àti −4. Tún wo log₂(x − 5) + log₂(x − 3) = 3. Èsì ibẹ̀ ni 7 àti 1, kò sí máínọ̀sì lára ìkankan, síbẹ̀ 1 ni àtọ̀húnrìnwá, torí −4 àti −2 ló fi sínú àkámọ́. Ẹni tó bá ń wá máínọ̀sì kiri máa gbé e sílẹ̀ síbẹ̀.

Ohun kan wà tó tún burú ju èyí lọ, torí àyẹ̀wò kò lè tú u fó. Nínú log₁₀(x²) = 2, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fa 2 orí x síwájú, á di 2log₁₀(x) = 2, wọ́n á sì rí 10 nìkan. Ṣùgbọ́n −10 lọ́nà −10 jẹ́ 100, lọ́ọ̀gì 100 sì jẹ́ 2. Ọmọ onílé ni −10. Ìgbà tí wọ́n fa 2 síwájú ni wọ́n tì í síta, torí log₁₀(x) kò gba máínọ̀sì bí log₁₀(x²) ṣe gbà á. Níbẹ̀, má fa 2 síwájú. Kọ x² = 100 tààrà, èsì méjèèjì á jáde.